Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lórí Ààlà Oko

Kútúbà Jímọ̀, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó sì fi wá sí orí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀tọ́ tí ó wà láàrin àwa àti ọmọnìkejì wa.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Ẹ̀rìn, ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ọ̀rọ̀ ààlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀. A kò gun mínbárì yìí láti dá ẹjọ́ ìlú kankan. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kéré ju ti ìlú lọ: oko méjì tí ó pààlà, àti ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ méjì fi ẹnu sọ. Ìtàn tí a ó pa kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí ẹ lè na ìka sí. A pa á ní àpèjúwe ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ oko yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Bàbá àgbà kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá odò Ẹ̀rìnlẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, a kì í sì í wá a tì ní sááfù àkọ́kọ́. Oko rẹ̀ àti oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pààlà. Pèrègún ni àwọn bàbá wọn fi pa ààlà náà. Lẹ́yìn pèrègún, ní ìhà ti ọ̀rẹ́, ilẹ̀ kan wà tí ó lọ dé etí odò kékeré kan. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju igba ẹsẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àìsàn gbé ìyàwó ọ̀rẹ́ yìí dè. Owó ìtọ́jú pọ̀ ju agbára ọkọ lọ. Bàbá ta àpò kòkó méjì, ó sì kó owó náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ara obìnrin náà yá, ọ̀rẹ́ mú Bàbá lọ sí ìdí pèrègún. Ẹnìkan nínú àwọn àgbà abúlé bá wọn lọ. Ọ̀rẹ́ na ọwọ́ sí odò, ó ní láti ibi pèrègún dé ibi odò, kí Bàbá máa dáko níbẹ̀, òun kò ní bi í ní nǹkan kan mọ́ láé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n sì lọ sílé. Bàbá kò béèrè ìwé. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá béèrè ìwé lọ́wọ́ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi àbùkù kàn án.

Ọdún ń gorí ọdún. Àgbà tí ó bá wọn lọ kú. Ọ̀rẹ́ náà kú. Ilẹ̀ tí kò níye lórí tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń wá rà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá dé oko, ó bá òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin lórí ilẹ̀ etí odò. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó mú sọ̀fíyọ̀ wá, tí ó fẹ́ gé ilẹ̀ náà tà.

Inú Bàbá ru. Ó pe ọmọ náà ní òpùrọ́ àti olè láàrin ọjà. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tí ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí kí ó tó fẹ̀yìntì, ó ní kí ó bá òun wá lọ́yà.

Ọkùnrin náà fún un ní omi mu, ó sì sọ fún un pé, “Bàbá, kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn yóò bi yín. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, kóòtù tí ó ga jù lọ nílẹ̀ yìí to ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èkíní ni ìtàn bí ilẹ̀ ṣe di ti ìdílé. Èkejì ni ìwé tí ó péye. Ẹ̀kẹta ni ìṣe onílẹ̀, bíi kí ẹ máa yá ènìyàn ní ilẹ̀ náà, kí ẹ sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí ilẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ ń gbádùn rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni kí ẹ ni ilẹ̀ tí ó bá a pààlà, lọ́nà tí ó fi dà bí ẹni pé ẹnìkan náà ni ó ni méjèèjì.”

Bàbá ní, “Ẹ̀karùn-ún yẹn ni tèmi. Èmi ni mo bá a pààlà.”

“Ọmọ ọ̀rẹ́ yín náà bá a pààlà, Bàbá. Ọ̀nà yẹn ń sìn ẹ̀yin méjèèjì. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ tirẹ̀, nítorí ẹ̀yin fúnra yín gbà pé ti bàbá rẹ̀ ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.”

“Ṣé nítorí pé n kò ní ìwé ni?”

“Rárá. Nínú àṣà wa, ìwé kì í ṣe dandan. Bí ẹni tí ó rà bá san owó níwájú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ ń gba irú títà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́. Níbo ni tiyín wà?”

Bàbá kò rí èsì fún un. Ó dìde, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àlùfáà lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Ásírì, wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí: Bàbá, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó ọ̀rẹ́ náà, àlùfáà, àti àwọn àgbà méjì. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlànà Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé ẹni tí ó ń pe nǹkan ní tirẹ̀ ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹni tí ó sì sẹ́ ni yóò búra. Ó ṣàlàyé pé, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ahọ́n tí ó dùn nìkan ni yóò máa gba ohun ìní àwọn ènìyàn. Ó wá kọjú sí Bàbá.

“Bàbá, kí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí olóògbé sọ?”

“Ó ní òun fún mi ní ilẹ̀ náà.”

Opó náà gbé ojú sókè. Àìsàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì kórìíra Bàbá. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo gbé omi wá fún yín lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ní kí ẹ máa dáko níbẹ̀. N kò gbọ́ pé ó fún yín.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń rántí ọjọ́ náà, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sí i létí, ó sì gbọ́ pé obìnrin náà kò purọ́. “Máa dáko níbẹ̀” ni ọ̀rẹ́ sọ. Bàbá ni ó ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí “mo fún ọ” láti ọdún yìí wá, títí ìtumọ̀ fi gba ipò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i níbí. Nínú èdè wa, a lè sọ fún ènìyàn pé kí ó máa lo ilẹ̀ nígbà tí a bá yá a, nígbà tí a bá fi ilẹ̀ dógò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí gbèsè, àti nígbà tí a bá ta á lọ́rẹ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni etí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ yíyá, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, bí ó tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ó bá jẹ́ dógò, owó àpò kòkó méjì ni a ó san, ilẹ̀ yóò sì padà. Bí ó bá jẹ́ ọrẹ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó lè sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní lọ́kàn ti wà nínú sàréè.

Àlùfáà tún béèrè pé, “Kí ni ẹ gbìn sórí rẹ̀?”

“Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́.”

“Ẹ kò gbin kòkó? Ẹ kò gbin obì?”

“Rárá.”

“Ọ̀pẹ tí ó wà níbẹ̀ ńkọ́, ta ni ó ń kọ ẹyìn rẹ̀?”

Bàbá ní, “Àwọn ará ilé olóògbé ni. Mo fi sílẹ̀ fún wọn nítorí ọ̀rẹ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mi orí. Nínú àṣà ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n yá ní oko kì í gbin igi tí ó ń pẹ́ láìgba àṣẹ, onílẹ̀ ni ó sì sábà máa ń fi ọ̀pẹ sí abẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí Bàbá ṣe láti inú ìwà ọmọlúàbí ti ń jẹ́rìí ta kò ó láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo oko náà láti ìta yóò sọ pé ayálẹ̀ ni.

Àlùfáà wá mú ìtàn kan jáde nínú Mùwátà ti Ímáámù Málíkì, ẹni tí àwa ará ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé nínú ìdájọ́. Ṣàhábé ńlá nì, Abúbákárì Sídíìkì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ti ta ọmọ rẹ̀ Áíṣà lọ́rẹ èso dàbínù ìwọ̀n wásákì 20. Nígbà tí ikú dé sí i, ó sọ fún un pé ì bá ti ká a, kí ó sì gbà á sọ́wọ́, tirẹ̀ ni ì bá jẹ́; ṣùgbọ́n lónìí, ó ti di ohun ìní àwọn tí yóò jogún òun. Ẹ wò ó: bàbá ni ó sọ̀rọ̀, ọmọ ni ó gbọ́, olódodo sì ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò gbé ọrẹ náà kọjá ikú, nítorí pé kò tíì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a ta lọ́rẹ. Ní ti Bàbá, ilẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayálẹ̀ náà a máa ro ilẹ̀. Ọkọ́ kò lè sọ bóyá ẹni tí ó mú un dání ni ó ni ilẹ̀ tàbí ó yá a.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Àlùfáà ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n lọ wo odò. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ipa omi méjì ni wọ́n rí. Ọ̀kan gbẹ, èpò ti bò ó. Omi ń ṣàn nínú èkejì. Ó tó ogójì ẹsẹ̀ láàrin wọn. Bàbá ní èyí tí ó ń ṣàn ni. Opó ní èyí tí ó gbẹ ni omi ń gbà nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ ní òun kò mọ ọ̀kankan, nítorí pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ gbà pé ọ̀rẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ “dé odò”, wọn kò lè rí ibi tí ó parí sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni adájọ́ kankan kì í fa ilẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó parí sí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ku ìbúra. Àlùfáà ṣàlàyé fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé a kò ní kí ó búra pé bàbá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀. Ohun tí yóò fi búra ni pé òun kò mọ̀ pé bàbá òun fi ilẹ̀ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Mo lè búra bẹ́ẹ̀, Bàbá, nítorí òótọ́ ni. N kò mọ̀. Wọn kò sọ fún mi rí.”

Ibí yìí ni ojú Bàbá ti là. Ó ti pe ọmọ yìí ní òpùrọ́ láàrin ọjà. Ọmọ náà kò purọ́, opó kò purọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní lọ́kàn láti purọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣòro láti fi hàn nítorí pé ayé kún fún èké nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbé inú àwọn tí ó gbọ́ ọ, ó sì ń bá wọn kú. Ó tún ń yí padà nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí ó búra.”

Àlùfáà wá rán wọn létí àwọn ọkùnrin méjì tí ó wá sọ́dọ̀ Ànábì, tí wọ́n ń jà lórí ogún, tí kò sì sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀kankan wọn. Ànábì sọ fún wọn pé ènìyàn ni òun, pé ọ̀kan lè mọ ọ̀rọ̀ sọ ju èkejì lọ, kí òun sì dájọ́ gẹ́gẹ́ bí òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá gé ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ fún un, iná ni òun gé fún un. Àwọn méjèèjì sunkún, oníkálukú ní òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀ fún èkejì. Ànábì kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún nìkan tú ká. Ó ní kí wọ́n pín in, kí wọ́n wá ohun tí ó tọ́, kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí oníkálukú sì dárí ìyókù jin ẹnìkejì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní abúlé náà. Bàbá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ó ti bú u. Ọmọ náà ní òun kò lè gbàgbé pé owó kòkó yìí ni ìyá òun fi wà láàyè. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì ọgbọọgba láàrin pèrègún àti ipa odò tí ó gbẹ. Apá tí ó kan pèrègún di ti Bàbá, apá etí odò di ti ọmọ. Kí àlùfáà tó kọ ọ́, ó béèrè bóyá ọmọ náà nìkan ni ó ni ilẹ̀, ó sì rí i pé àbúrò mẹ́ta ni ó ní. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo wọn wá, nítorí ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá fi sílẹ̀.

(Ìjókòó díẹ̀)

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kun Bàbá. Ó rántí pé òun pẹ̀lú ti ṣe ìlérí. Ẹnìkan wà tí ó ń roko lórí ilẹ̀ rẹ̀ mìíràn, tí ó sọ fún ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé títí dé ìdí ìrókò ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá kò sí níbẹ̀. Bí Bàbá bá kú, ọmọ tirẹ̀ ni yóò máa wí pé òun kò mọ̀, òótọ́ ni yóò sì máa sọ, ẹlòmíràn ni yóò sì pàdánù.

Ní òwúrọ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọkùnrin náà, wọ́n jọ lọ sí oko. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ààlà náà yíká. Wọ́n gbin pèrègún tuntun sí igun kọ̀ọ̀kan, nítorí odò a máa yà, igi ńlá a sì máa wó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mú ìwé, ó kọ ohun tí ó jẹ́: ọrẹ ni, kì í ṣe yíyá, kì í sì í ṣe dógò. Ó kọ iye ẹsẹ̀ láti igun dé igun, orúkọ àwọn tí ó bá a pààlà, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Bàbá tẹ ìka sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, àwọn ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i. Bàbá sì ní kí méjì nínú ẹlẹ́rìí jẹ́ ọ̀dọ́, kí gbogbo wọn má baà tètè kú tán. Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ṣe.

Àṣẹ Ọlọ́hun ni wọ́n tẹ̀ lé. Nínú Súrátùl-Bákárà, áyà 282, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé bí wọ́n bá ń ṣe gbèsè tí ó ní àkókò, kí wọ́n kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀, kí akọ̀wé jẹ́ olódodo, kí wọ́n sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Ẹ kíyè sí i pé onígbàgbọ́ ni Ó bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ó fọkàn tán ara wọn. Kíkọ ìwé kì í ṣe àmì àìgbẹ́kẹ̀lé. Áyà náà fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀: kí ìyèméjì lè jìnnà sí wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a gbọ́ nínú hádíìsì pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tí ó bá yí àmì ààlà ilẹ̀ padà. Ẹni tí ó fi ààlà sílẹ̀ láìní àmì kò yí i padà, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí yóò yí i. Kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹni tí ó bá ti fi ẹnu fún ènìyàn ní ilẹ̀ lọ pe àwọn tí yóò jogún rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ níwájú wọn, nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ọlọ́hun Ọba, má ṣe jẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ní mímọ̀ tàbí ní àìmọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ìlérí ẹnu wa di ìjà fún àwọn ọmọ wa. Fi àlàáfíà sáàrin Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n. Dárí jin àwọn òbí wa tí ó ti kú, kí O sì tẹ́ sàréè wọn ní rere. Àmín.